Oníbodè Ìwé Àtẹ

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní kí n wá fi Yorùbá ṣàlàyé ìwé àtẹ Google Sheets fún àwọn akọ̀wé wọn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní òpó A, àdírẹ́sì ímeèlì wọn wà ní òpó B. Wọ́n ti ṣèèṣì fún ènìyàn méjì ní nọ́ńbà kan náà, owó tí ẹnì kan san sì ti bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ kí ìwé náà má ṣe gba nọ́ńbà tó bá ti wà nílẹ̀, kí ó má sì gba ímeèlì tí kò lórí tí kò nídìí. Fọ́múlà rẹ̀ kò gbà mí lákòókò. Orúkọ tí n ó pè é ló gbà mí lákòókò.

Ojú ẹ̀rọ ń pè é ní `Data validation`. "Ìfìdímúlẹ̀" ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo sì pa á rẹ́, nítorí pé ohun tí a bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti di òótọ́ létí Yorùbá. Ẹ̀rọ yìí kò mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé nìkan ló ń wò, bíi ti oníbodè ayé àtijọ́ tó máa ń dúró lẹ́nu ibodè ìlú. Mo wá pè é ní "ìṣọ́bodè", mo sì pe fọ́múlà tí a fọwọ́ ara wa kọ fún un ní "fọ́múlà àdákọ". Ẹ yan A2 títí dé A500, ẹ ṣí `Data validation`, ẹ mú `Custom formula is`, kí ẹ kọ èyí:

```
=COUNTIF($A$2:$A$500,A2)=1
```

Lẹ́yìn náà, ẹ mú `Reject the input`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkìlọ̀ lásán ni yóò ṣe, nọ́ńbà náà yóò sì wọlé.

Akọ̀wé kan bi mí léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ 1, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tí kò tíì sí níbẹ̀ là ń fẹ́. Ọgbọ́n ìkàyè àwọn bàbá wa ló bá mi dáhùn. Ọjà tí a ń ná lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọrún là ń pè é, torí pé a ń ka ọjọ́ tí a ti ná an mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni COUNTIF ń ka èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bí ó bá ka 2, àkọtúnkọ ni. "Àkọtúnkọ" ni mo yàn dípò "ẹ̀dà", torí pé ẹ̀dà jẹ́ ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Àmì $ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi jù: èèkàn ni mo pè é. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn kò lè rìn jìnnà. Bí a bá yọ èèkàn kúrò, tí a kọ A2:A500 lásán, àgbègbè tí fọ́múlà ń wò yóò máa sún sísàlẹ̀ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a bá dé A40, láti A40 lọ sí ìsàlẹ̀ ni yóò máa wò, kò ní í rí A7 mọ́. Àtimọ̀ rẹ̀ rọrùn: ẹ tún nọ́ńbà A7 tẹ̀ sínú A40. Bí ó bá gbà á, èèkàn ti tú.

Ti ímeèlì ni èyí:

```
=REGEXMATCH(B2,"^[^@ ]+@[^@ ]+\.[^@ ]+$")
```

Ohun tó ń béèrè ni pé kí nǹkan ṣáájú @, kí @ jẹ́ ẹyọ kan, kí nǹkan tẹ̀ lé e, kí àmì ìdánudúró wà láàárín ohun tó tẹ̀ lé e yẹn, kí àlàfo má sì sí níbì kankan. Mo pe èyí tí kò bá pé ní "ímeèlì tí ìrísí rẹ̀ kò gún". Ìrísí ni mo tẹnu mọ́. Ẹni tó bá tẹ gmial.com dípò gmail.com yóò gba ibodè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, torí pé ìrísí rẹ̀ gún, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i kò ní í dé ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí "ìfìdímúlẹ̀" ì bá fi tan àwọn akọ̀wé náà jẹ.

"Ìṣọ́bodè" tún sọ ohun kan fún wọn kí n tó là á yé wọn. Oníbodè kì í lé ará ìlú. Àkọtúnkọ tó ti wà nínú òpó A kí a tó gbé òfin kalẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àmì pupa kékeré ni yóò hàn ní igun àpótí rẹ̀, àwa la ó fọwọ́ ara wa tún un ṣe. Ẹni tó bá sì da nọ́ńbà kọ láti ibòmíràn, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó náà dípò kí ó tẹ̀ ẹ́, lè gba ẹ̀yìn odi wọlé. Akọ̀wé tó dàgbà jù nínú wọn ló rí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá gun odi wọlé, oníbodè kò ní í rí i, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé náà lókè, pé títẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa fi fi nọ́ńbà sí i.