Ìdí tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan fi ń mú iná púpọ̀ wá, tí òmíràn kò fi lè ju gílóòbù kan lọ

Bí oníṣòwò kan bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan wá sí Ìbàdàn, tí ó sì sọ pé kilowáàtì 1 ni iná tí ó lè mú wá, ó ṣeé ṣe kí ó má parọ́ rárá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rà á, tí ó gbé e sórí òrùlé rẹ̀, lè má rí ju iná gílóòbù kan lọ. Ẹ̀rọ náà lè má ní àléébù kankan. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà ń gbé agbára rìn ni ó fà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni eré tí afẹ́fẹ́ ń sá. Èkejì ni bí òbìrí tí apá ẹ̀rọ náà ń gbá bí ó ti ń yí ṣe tóbi tó. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń kọ ọ́ báyìí:

P = ½ρAv³

P ni agbára tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń kọjá, ρ ni ìwọ̀n ìwúwo afẹ́fẹ́, A ni ìbú òbìrí náà, v sì ni eré afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà 3 kékeré tí ó wà lórí v ni gbogbo àṣírí náà wà. Ó túmọ̀ sí pé a ó fi iye eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì tún fi sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ kò ní di ìlọ́po méjì lásán, ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò dà.

Kí ni ó fà á? Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, bí a kò tilẹ̀ rí i. Bí ó bá ń sáré ní ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tí yóò gba inú òbìrí náà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ipá tí ohunkóhun tí ń sáré fi ń kọlu nǹkan máa ń yára pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára inú kílógírámù kọ̀ọ̀kan yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ ìlọ́po méjì, tí ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní agbára ìlọ́po mẹ́rin, ni ó di ìlọ́po mẹ́jọ.

A lè rí i kedere lára àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, níbi tí ilé-iṣẹ́ Vergnet ti ilẹ̀ Faransé ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ 37 ni wọ́n ṣètò síbẹ̀, kilowáàtì 275 ni wọ́n kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá méjì péré ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n òbìrí tí wọ́n ń gbá fẹ̀ tó mítà 32 láti etí kan dé etí kejì. Èyí jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 804. Nítorí pé Katsina gbóná, tí ó sì ga ju etí òkun lọ, a ó ka ìwúwo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sí kílógírámù 1.1 nínú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá eré mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 5 ni yóò gba òbìrí náà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Agbára inú rẹ̀ yóò tó kilowáàtì 96. Bí eré náà bá dín kù sí mítà 3, kilowáàtì 12 péré ni yóò kù. Bí ó bá gbéra sókè sí mítà 12, yóò di kilowáàtì 764.

Ẹ̀rọ kankan kò lè gba gbogbo agbára yìí tán. Bí ó bá gbà á tán, afẹ́fẹ́ yóò dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ń bọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Ní ọdún 1920, Albert Betz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ìṣirò hàn pé ohun tí ẹ̀rọ lè gbà kò lè kọjá ìdá 59 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó bá gba ìdá 40 ti gbìyànjú. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí eré afẹ́fẹ́ bá jẹ́ mítà 6, ẹ̀rọ Katsina tí wọ́n kọ kilowáàtì 275 sí lára yóò mú nǹkan bíi kilowáàtì 38 wá. Nígbà tí ìjì bá le ni yóò tó 275, kò sì ní kọjá ibẹ̀ mọ́ bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń le sí i, nítorí jẹnẹrétọ̀ inú rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní ti òbìrí, ìlànà rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí apá ẹ̀rọ bá gùn ní ìlọ́po méjì, òbìrí tí ó ń gbá yóò di ìlọ́po mẹ́rin, agbára náà yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin. Gígùn apá ni ó ń ṣe èyí, kì í ṣe iye apá. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ alápá méjì fi lè ṣe iṣẹ́ ńlá, tí èyí tí apá rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ó kúrú kò fi lè ṣe é.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ: eré afẹ́fẹ́ tí a bá pín dọ́gba. Ká ní afẹ́fẹ́ sá eré mítà 6 láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì ní ìlú kan, tí ó sì sá mítà 3 fún ìdajì ọjọ́ àti mítà 9 fún ìdajì kejì ní ìlú mìíràn. Bí a bá pín in dọ́gba, mítà 6 ni ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ ìlú kejì fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju ti èkínní lọ, nítorí pé wákàtí tí afẹ́fẹ́ le ni ó ń ru ẹrù náà. Àṣìṣe díẹ̀ nínú ìwọ̀n náà sì ń náni lówó púpọ̀. Bí eré tí a retí bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ìdá 27 agbára ni yóò lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kilowáàtì 1 tí òbìrí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2 lè mú kilowáàtì 1 náà wá lóòótọ́, bí afẹ́fẹ́ bá ń sá mítà 12. Lórí òrùlé láàárín ìgboro, níbi tí ilé àti igi ti ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, bí ó bá sá mítà 3, ìdá kan nínú ọ̀nà 64 ni yóò kù, èyí tí í ṣe wáàtì 15 tàbí 16. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá kí eré tó tó mítà 3.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi oníṣòwò ni pé eré afẹ́fẹ́ mélòó ni wọ́n fi wọn kilowáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ni kí ó wo bí òbìrí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kí ó tó sanwó, kí ó gbé ohun èlò tí a fi ń wọn eré afẹ́fẹ́ sí ibi gan-an tí ẹ̀rọ yóò dúró sí, ní gíga kan náà, kí ó fi í síbẹ̀ fún ọdún kan, kí ọyẹ́ àti òjò lè kọjá lójú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ó tẹ́jú kì í ṣe afẹ́fẹ́ orí òrùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lẹ́yìn tí owó ti lọ, a ó rí fùrọ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.