Ẹ̀tanú ọjọ́-orí nínú ìpolówó iṣẹ́

Ẹ̀tanú ọjọ́-orí nínú ìpolówó iṣẹ́ ni kí agbanisíṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú ìkéde rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn àgbà òṣìṣẹ́, yálà ó dárúkọ ọjọ́-orí tàbí kò dárúkọ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1967 tí ó tako ẹ̀tanú yìí ń dáàbò bo ẹni tí ó ti pé 40 ọdún sókè, ní iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 20. Ìlànà òfin náà ka ọ̀rọ̀ bíi “ọ̀dọ́” tàbí “ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì” sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde lè sọ pé ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ni òun ń fẹ́, nítorí pé àgbà ni òfin náà wà fún.

Ẹ̀tanú lè fara pamọ́ sínú iye ọdún ìrírí. Ohun tí olùwáṣẹ́ tí ó ti lé ní 50 ọdún máa ń wò ni ibi tí iye náà dúró sí. Ìkéde tí ó béèrè fún “ó kéré tán, ọdún 10” ń wá ìrírí, kò sì lé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún dànù. Èyí tí ó ní “ọdún 3 sí 7, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ” ti sé ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún láìsọ ohunkóhun nípa ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ìkéde bá kọ “ọdún 3 sí 7” nìkan, ọ̀rọ̀ kò tíì dájú, nítorí owó oṣù ni irú iye bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ka sí nígbà mìíràn.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni ẹjọ́ Kleber àti iléeṣẹ́ CareFusion. Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ náà ń wá agbẹjọ́rò tí ìrírí rẹ̀ kò ju ọdún 7 lọ. Kleber, ẹni ọdún 58 tí ó ti ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rí, kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún 29 ni wọ́n gbà. Àlàyé iléeṣẹ́ ni pé iṣẹ́ kékeré kì í tẹ́ ẹni tí ìrírí rẹ̀ pọ̀ lọ́rùn, kì í sì í pẹ́ lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, adájọ́ 8 nínú 12 ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ẹkùn keje, tí ó wà ní Ṣikágò, dá iléeṣẹ́ láre. Wọ́n ní apá òfin tí ó kan ìlànà tí ó ń ṣàkóbá fún àgbà láìsí èrò ibi, àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni ó ń gbèjà, kì í ṣe ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ láti ìta. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọdún kan náà.

Ní ẹkùn yẹn, ó ku kí olùwáṣẹ́ fi hàn pé iléeṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ kọ òun nítorí ọjọ́-orí, ẹ̀rí èyí sì ṣòro láti rí. Ẹ̀dà ìkéde náà wúlò níbẹ̀, nítorí pé iléeṣẹ́ lè yí i padà tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Olùwáṣẹ́ ní 180 ọjọ́ láti mú ẹ̀sùn lọ bá àjọ ìjọba àpapọ̀, tàbí 300 ọjọ́ bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ní òfin àti àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.