Ìtúnsọ láàárín àwọn atọ́ka RSI, Stochastic àti CCI

'''Ìtúnsọ láàárín àwọn atọ́ka''' ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníṣòwò ìpín-ìdókòwò bá lo atọ́ka méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń ṣírò ohun kan náà, tí ó sì ka ìfohùnṣọ̀kan wọn sí ẹ̀rí púpọ̀. Àpẹẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ni RSI, Stochastic àti CCI. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

== Orírun àti ìṣirò ==

George Lane ni ó sọ Stochastic di mímọ̀ láti àwọn ọdún 1950. J. Welles Wilder gbé RSI jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1978, Donald Lambert sì gbé CCI jáde ní ọdún 1980.

RSI ń fi àpapọ̀ èrè àwọn ọjọ́ tí iye owó gòkè wé àpapọ̀ àdánù àwọn ọjọ́ tí ó wálẹ̀. Stochastic ń wo ibi tí iye owó òní wà láàárín iye tí ó kéré jù àti iye tí ó ga jù láìpẹ́ yìí. CCI ní tirẹ̀ ń wo bí iye owó òní ti jìnnà tó sí ìpíndọ́gba rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé iye owó ti yára gòkè, tàbí ó ti yára wálẹ̀? Iye owó nìkan ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Kò sí èyí tí ó mọ iye ìpín tí wọ́n tà tàbí èrè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ.

== Àpẹẹrẹ ìṣirò ==

Kí a gbà pé iye ìparí ìpín kan fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 100, 102, 101, 104, 106 àti 109 náírà. Kí ìṣirò lè rọrùn, iye ìparí nìkan ni a ó lò, fún sáà ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Àpapọ̀ ìgòkè jẹ́ 10 náírà, ti ìwálẹ̀ sì jẹ́ 1. Nítorí náà RSI jẹ́ 10 nínú 11, èyí tí í ṣe 90.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí ó kéré jù nínú ọjọ́ márùn-ún tí ó kẹ́yìn jẹ́ 101, èyí tí ó ga jù sì jẹ́ 109, tí òní gan-an wà. Stochastic di 100. Ìpíndọ́gba ọjọ́ márùn-ún náà jẹ́ 104.4, ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ wọn sí i sì jẹ́ 2.48:

```
CCI = (109 - 104.4) / (0.015 * 2.48) = 123.7
```

Àmì pé wọ́n ti rà á jù ni RSI tí ó bá kọjá 70, Stochastic tí ó bá kọjá 80, àti CCI tí ó bá kọjá 100. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọjá ààlà papọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rí mẹ́ta ni òun ní lè ta ìpín rẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá di 112 ní ọjọ́ kejì, tí ó sì di 115 ní ọjọ́ kẹta, RSI yóò jẹ́ 91.7 àti 100, Stochastic yóò dúró ní 100, CCI yóò sì jẹ́ 113.8 àti 112.4. Wọ́n ṣì ń kìlọ̀, iye owó sì ń gòkè. Àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

== Nígbà tí iye owó kò bá yí padà ==

Ní ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà, àwọn ìpín kan wà tí ìtajà wọn kò pọ̀, tí iye wọn sì lè dúró sójú kan fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìṣirò òkè yìí bá bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, kò ní sí ìgòkè tàbí ìwálẹ̀ fún RSI, kò ní sí àlàfo fún Stochastic, kò sì ní sí ìyàtọ̀ fún CCI. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa fi òdo pín òdo. Orísun kan náà tí ó gbẹ ni ó pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

== Bí a ṣe lè mọ̀ ==

A lè kọ RSI ojoojúmọ́ fún igba ọjọ́ sí òpó B nínú Excel, kí a kọ CCI sí òpó C, kí a sì tẹ:

```
=CORREL(B2:B201,C2:C201)
```

Bí èsì bá sún mọ́ 1, atọ́ka kejì kò fi ohun púpọ̀ kún ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń yapa nígbà mìíràn, pàápàá bí sáà wọn kò bá dọ́gba, bíi ọjọ́ 14 fún RSI àti ọjọ́ 20 fún CCI. Ṣùgbọ́n gígùn sáà ni ó sábà máa ń fa irú ìyapa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìròyìn tuntun.

John Bollinger kìlọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2001: atọ́ka tí a bá lò papọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbátan ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ní RSI yóò rí ohun tuntun kọ́ lára iye ìpín tí wọ́n tà lójoojúmọ́ ju lára Stochastic tàbí CCI lọ, nítorí pé a kò lè fa iye yẹn yọ láti inú iye owó.