Kọ̀nténà Ẹsẹ̀ Bàtà 20 Tí Kò Pé Ẹsẹ̀ Bàtà 20

Ní Sátidé kan, àwa mẹ́rin gbé téèpù irin lọ sí Creek Road, ní ìhà ibi tí Àpápá ti ń di Ajégúnlẹ̀. Àríyànjiyàn ló gbé wa débẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní kọ̀nténà tí gbogbo ayé ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 20 kò pé ẹsẹ̀ bàtà 20. Àwa mẹ́ta yòókù ní irọ́ ni. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ògbólógbòó kọ̀nténà ní ẹ̀bá ọ̀nà gbà wá láyè. Ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n, àmọ́ ẹ má da ọjà mi rú o."

Ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ mìlímítà 6096. Ohun tí téèpù wa sọ ni 6055. A tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Nígbà tí a sọ fún ìyá náà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bojú jẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"

A ò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn tí a padà wá rí nìyí.

Láti orí àpò dé orí àpótí

Nígbà tí wọ́n parí àwọn ibùdúró ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá ní 1926, àpò àti àgbá ni ẹrù ń bá rìn. Àpò kòkó kì í bá ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí jà. Bí ó bá tóbi díẹ̀, alábàárù yóò fi èjìká tì í, àyè yóò sì gbà á. Kò sí ẹni tó nílò láti mọ̀ bóyá àpò kan fi ìka kan gùn ju èkejì lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Malcom McLean kó àpótí irin 58 sórí ọkọ̀ ojú omi Ideal X, láti Newark lọ sí Houston. Àpótí irin kì í ṣe àpò. Èjìká kò lè tì í wọlé. Ó gbọ́dọ̀ bá ara ọkọ̀ ojú omi mu, kí ó bá ara tírélà mu, kí ó sì bá àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ ara wọn rí. Fún bí ọdún mélòó kan, oníkálukú ní gígùn tirẹ̀. Ti McLean fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 33 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1961 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí ẹsẹ̀ bàtà 10, 20, 30 àti 40. Àjọ ìdíwọ̀n àgbáyé, ISO, jókòó sórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé ìlànà wọn, èyí tó ń jẹ́ ISO 668, sì kọ́kọ́ jáde ní 1968.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 20 ti pàdánù díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀nténà kékeré méjì lè jókòó sí ààyè ńlá kan. Ńlá náà jẹ́ mìlímítà 12192, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 40 géérégé. Bí kékeré kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 6096, méjèèjì yóò kún ààyè náà títí dé etí, kò ní sí àlàfo láàárín wọn. Nítorí náà wọ́n fi mìlímítà 76 sílẹ̀ fún àlàfo, wọ́n sì yọ ìdajì rẹ̀, 38, lára kékeré kọ̀ọ̀kan. 6096 dín 38 jẹ́ 6058. Ẹ wò ó: 6058 àti 6058 àti 76 jẹ́ 12192. "Ẹsẹ̀ bàtà 20" di orúkọ lásán. Orúkọ ló wà lẹ́nu wa, 6058 ló wà lórí àwòrán iṣẹ́.

Àmọ́ 6055 ni téèpù wa rí. Mìlímítà mẹ́ta ṣì kù tí a kò tíì mọ ibi tó wọlé sí.

Nọ́ńbà kan kò tó

Láyé àtijọ́, ẹni tó ya àwòrán ẹ̀rọ á kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sí i. Oníṣẹ́ á ṣe ẹ̀yà náà, á fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ inú èkejì. Ẹ̀yà náà bá ẹnìkejì rẹ̀ mu, kò bá ẹlòmíràn mu. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n lè mú láti inú àpótí kankan kí ó sì wọlé láìsí fáìlì, wọ́n rí i pé nọ́ńbà kan kò tó. Wọ́n ní láti kọ méjì: èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá, àti èyí tí kò gbọdọ̀ dín sí. Àárín méjèèjì ni a ń pè ní ìyọ̀ǹda.

Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè ṣe ohun kan kí ó jẹ́ 6058 géérégé. Wọ́n jó irin kọ̀nténà pọ̀ ni. Ojú ibi tí wẹ́dà jó á gbóná, bí ó bá sì ti ń tutù, á fa irin súnra. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Téèpù tí a fi ń wọ̀n pàápàá ní àṣìṣe tirẹ̀. Ìka ò dọ́gba, kọ̀nténà náà ò sì dọ́gba, bí ilé iṣẹ́ kan náà tilẹ̀ ṣe wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí ISO 668 wá sọ nípa kọ̀nténà kékeré ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ 6058, ó lè fi 0 lé, ó lè fi 6 dín. Ìyẹn ni pé láti 6052 dé 6058, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ti ńlá jẹ́ 12192, 0 ni ìlékún, 10 ni ìdínkù. Fífẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 2438, 0 ni ìlékún, 5 ni ìdínkù.

Ẹ kíyè sí i pé ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo ìyọ̀ǹda yìí kọjú sí. Kò sí èyí tó gba kọ̀nténà láyè láti tóbi ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ, àní pẹ̀lú ìdajì mìlímítà. Inú ọkọ̀ ojú omi ní àwọn irin òòró tí kọ̀nténà máa ń gba àárín wọn sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá kéré díẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láìsí wàhálà. Èyí tó bá tóbi jù á há, ọkọ̀ odindi á sì dúró dè é. Ẹni tó kọ ìyọ̀ǹda náà ti ronú nípa àṣìṣe wo ló lè jẹ́ kí ẹrù wọlé àti èwo ló lè dá iṣẹ́ dúró, ó sì ti gbogbo àṣìṣe sí ìhà kan.

Oòrùn Àpápá náà ń ya àwòrán

Ohun mìíràn wà tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ti ìwọ̀n ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì. Èwo ni 20 ní Creek Road lọ́sàn-án gangan? Òrùlé irin tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ lè gbóná dé 50.

Irin kọ̀nténà ńlá máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 0.14 gùn sí i fún ìwọ̀n ooru kan. Láti 20 dé 50 jẹ́ 30, nítorí náà ó ti fi mìlímítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ gùn. Ká ní ilé iṣẹ́ ṣe kọ̀nténà ńlá kan sí 12190, ó tọ̀nà. Bí a bá wọ̀n ọ́n lórí òrùlé ní Àpápá lọ́sàn-án, pẹ̀lú téèpù tí kò tíì gbóná, yóò sọ 12194. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kọjá ààlà. Kò kọjá. Èyí tó bá wọn irin láìwo ooru, ìdajì òṣùwọ̀n ló wọ̀n.

Ibi tí ó ti lè pa ènìyàn

Títí dé ibí, a lè rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ kọ̀nténà.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ kọ̀nténà ní irin tó ní ihò gígùn: mìlímítà 124.5 ní gígùn, 63.5 péré ní fífẹ̀. Keith Tantlinger, onímọ̀ ẹ̀rọ McLean, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ McLean sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1963. Orí tírélà ní ìdè mẹ́rin tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tuwíìsì-lọ́ọ̀kì. Orí ìdè náà á wọ inú ihò, awakọ̀ á yí ọwọ́ rẹ̀, orí náà á dábùú ihò, kọ̀nténà kò ní lè gbéra mọ́.

Fún kọ̀nténà kékeré, láti àárín ihò dé àárín ihò jẹ́ 5853 ní gígùn, 2259 ní ìbú. Nígbà tí ìdè bá gé, wẹ́dà tó wà nítòsí ló ń jó òmíràn sí i. Ká ní ó wọn ìbú náà sí 2280. Mìlímítà 21 péré ni, ojú kò lè rí i. Bí kọ̀nténà bá jókòó sáàárín, ìdè kọ̀ọ̀kan ti fi mìlímítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀ yà sí òde, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà láàárín orí ìdè àti etí ihò ní ìbú kò ju mìlímítà bíi mélòó kan lọ. Orí ìdè á gúnlẹ̀ sí etí ihò. Kọ̀nténà á jókòó lórí ìdè dípò kí ìdè wọ inú rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ á rí kò ju méjì lọ: ọwọ́ ìdè kì í yí dé òpin, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń yọ láàárín irin igun àti tírélà. Ẹni tó ń kánjú á ní ìwúwo ẹrù á mú un dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀nténà já lulẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu nígbàkigbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ni: ṣé wọ́n tì í, ṣé ó sì ṣeé tì?

Àyẹ̀wò tí wẹ́dà lè ṣe kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye. Kí ó wọn etí iwájú ìdè kan sí etí iwájú ìdè kejì, kì í ṣe àárín sí àárín, nítorí àárín kò ní àmì, etí ló ní. Lẹ́yìn náà, kí ó wọn igun sí igun ní ìdábùú, lẹ́ẹ̀mejì. Bí tírélà bá gún régé, méjèèjì á jẹ́ nǹkan bíi 6274. Lára kọ̀nténà kékeré fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ISO gbà láàárín méjèèjì kò ju 13 lọ, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan fi mìlímítà bíi méje ṣáájú èkejì. Gígùn àti ìbú lè pé kí tírélà ṣì wọ́. Ìdábùú ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ ìyá náà ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. A sọ fún un pé kọ̀nténà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 6052 àti 6058, àti pé 6055 tí a rí bọ́ sí àárín méjèèjì gan-an. Ó ní, "Ẹ túmọ̀ sí pé wọn ò rẹ́ mi jẹ?" A ní rárá, Mà. Ó wo ògiri irin rẹ̀ títí, ó ní, "Àmọ́ kí ni wọ́n wá ń pè é ní ogún sí?"