‘Àwọn’ àti Ọ̀rọ̀-Orúkọ Tó Dá Dúró: Iye Tí Kò Hàn nínú Ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní Mánsẹ́sítà

Akẹgbẹ́ mi kan tẹnu mọ́ ọn láìpẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ iye kò ní wàhálà: ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá dá dúró, ẹyọ ni, èyí tí ‘àwọn’ bá ṣíwájú, ọ̀pọ̀ ni. Ó ní ògbufọ̀ tó bá di òfin yìí mú kò lè ṣìnà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣìnà.

Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Mánsẹ́sítà bi abiyamọ léèrè ẹni tó wà nílé lọ́sàn-án, tí ó dáhùn pé: ‘Àwọn màmá mi ló wà nílé, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn.’ Bí a bá tẹ̀ lé òfin akẹgbẹ́ mi, ìyá máa di púpọ̀, ọmọ á sì di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọ̀wọ̀ ni ‘àwọn’ ibẹ̀ ń fún ìyá. ‘Wọn’ tó tẹ̀ lé e kò sì là á, torí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ dúró lé ni ti ẹyọ àti àìsọye. ‘Mo ra ìwé, mẹ́ta ni’ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ‘mo ra ìwé kan, mẹ́ta ni’ ta ko ara rẹ̀. ‘Kan’ ló ń sọ ẹyọ. ‘Ìwé’ nìkan kò sọ iye rárá. ‘Àwọn’ náà, iṣẹ́ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. ‘Ọmọ mẹ́ta dé’ ti sọ iye tán láìsí i. Bí mo bá ní ‘àwọn ọmọ mẹ́ta náà dé’, àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. ‘Àwọn Bọ́lá’ sì ni Bọ́lá àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe Bọ́lá púpọ̀.

Àkọlé ìwé Fágúnwà ti 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kò sọ iye ọdẹ. Ṣóyínká, nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ti 1968, sọ ọ́ di ìtàn ọdẹ kan ṣoṣo. Àkàràogun ni òpìtàn, nítorí náà n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Kàkó àti ògbójú mìíràn bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dandan mú un yan ọ̀kan.

Lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀, ẹni tí kò bá mọ iye gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó wà níjókòó pé òun fẹ́ béèrè, kí ó sì bi abiyamọ náà pé: ‘Ọmọ mélòó?’ Níbi tí kò ti sí ẹni tí a lè bi, bí inú lẹ́tà, ó sàn kí a kọ ‘ọmọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ’ ju kí a méfò lọ. Ó lè jẹ́, mi ò fẹ́ kọjá àyè mi, pé òfin akẹgbẹ́ mi kò wúlò ju inú kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lọ.

Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn báyìí ni Yorùbá àwọn ọmọ tí a bí síbí. Mo ń gbọ́ ‘mo ra àwọn bàtà’ lẹ́nu wọn, níbi tí òbí wọn á ti sọ ‘mo ra bàtà’. Mo ti ń béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn òbí kan kí n lè gba ohùn àwọn ọmọ wọn sílẹ̀, kí n sì wò ó bóyá ‘bàtà’ tó dá dúró ti di ẹyọ kan létí wọn.