Wákàtí àbí póíǹtì: Ibi tí ìfojúdíwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń tan èèyàn jẹ

Télọ̀ tó bá sọ pé wákàtí 4 lòun yóò fi rán bùbá àti ṣòkòtò kan kò purọ́. Bí ẹ bá jókòó tì í láti ìgbà tó ti ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ títí tó fi lọ̀ ọ́ tán, wákàtí mẹ́rin náà ni. Síbẹ̀, aṣọ tí ẹ gbé fún un lọ́jọ́ Ajé lè má jáde títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé iná lọ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣàìsàn, oníbàárà mìíràn sì gbé aṣọ ìnáwó pàjáwìrì dé. Wákàtí tí ọwọ́ òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ni télọ̀ ń kà. Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni ẹni tó ni aṣọ ń kà. Bí àwọn méjèèjì kò bá là á yé ara wọn, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Irú ìjà yìí gan-an ló ń wáyé láàrin àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Òun ló sì bí ọ̀nà ìfojúdíwọ̀n tí wọ́n ń pè ní póíǹtì, èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò dípò wákàtí. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò, méjèèjì náà ló sì ní ibi tí wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kó tó mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi owó gidi kọ́ ọgbọ́n.

Ibi tí póíǹtì ti ṣẹ̀ wá

Iléeṣẹ́ Chrysler, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní agbègbè Detroit, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fẹ́ ní ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò máa ṣírò owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn. C3 ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1996 ni Kent Beck dé ìdí rẹ̀, òun ló sì mú Ron Jeffries wá. Orí káàdì pélébé ni wọ́n máa ń kọ ohun kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà fẹ́ kí ètò náà lè ṣe sí, sítórì ni wọ́n sì ń pe ohun tó wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan.

Nínú àlàyé tí Jeffries kọ lọ́dún 2019, ó ní iye ọjọ́ làwọn kọ́kọ́ máa ń kọ sára káàdì. Kì í ṣe ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lásán: ọjọ́ tí èèyàn méjì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lè fi parí iṣẹ́ náà ni, bí ẹnikẹ́ni kò bá dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàìdí wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, wọ́n á sọ iye ọjọ́ náà di ìlọ́po mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Èyí kò yé àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn rárá. Báwo ni iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe lè máa gba ọjọ́ mẹ́ta? Bí Jeffries ṣe rántí rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n yọ ọ̀rọ̀ “ọjọ́” kúrò, wọ́n sì fi “póíǹtì” rọ́pò rẹ̀. Káàdì tó bá ní póíǹtì 3 yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 9.

Ẹ̀rí nìyí pé kì í ṣe pé póíǹtì péye ju ọjọ́ lọ ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Kí ìjà lórí ọ̀rọ̀ lè tán ni. Ètò C3 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó-oṣù fún nǹkan bí òṣìṣẹ́ 10,000 lọ́dún 1997, Chrysler sì dá a dúró lọ́dún 2000. Póíǹtì ní tirẹ̀ kò dúró síbẹ̀, ó ti tàn ká ayé.

Bí wákàtí ṣe ń tan èèyàn jẹ

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní òṣìṣẹ́ 4 ló wà níléeṣẹ́ kékeré kan, tí wọ́n fẹ́ ṣe ètò tí àwọn òbí yóò fi máa san owó iléèwé láti orí fóònù. Sítórì 48 ló wà nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà fojú díwọ̀n wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 640. Ọ̀gá wọn ṣírò pé wákàtí 40 lẹnì kan ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, pé èèyàn mẹ́rin yóò ṣe 160. Ó pín 640 sí ọ̀nà 160, ó sì rí ọ̀sẹ̀ 4. Ó sọ fún ẹni tó ni iléèwé pé ọ̀sẹ̀ 4 ti tó, ó sì gbà nínú ìwé àdéhùn pé bí òun bá pẹ́, kí wọ́n yọ nínú owó òun.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni iṣẹ́ náà gbà, kò sì sí ọ̀lẹ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpàdé gba àkókò, àtúnṣe iṣẹ́ àtijọ́ gba àkókò, wọ́n dúró de ìwé àṣẹ báǹkì, ẹnì kan sì ń dúró de ohun tí ẹnì kejì kò tíì parí. Kò sí èyí tí wọ́n kà mọ́ wákàtí 640 náà, nítorí pé wákàtí ìṣẹ́ tààrà ni wọ́n bi wọ́n.

Kì í ṣe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni èyí ń bá jà. Lọ́dún 1994, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ ìwé àṣekágbá. Ní ìpíndọ́gba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọjọ́ 34 làwọn yóò fi parí. Ọjọ́ tó lé ní 55 ló gbà wọ́n. Wọ́n tún bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá wọ́, wọ́n dáhùn pé nǹkan bí ọjọ́ 49. Àní iye ọjọ́ tí wọ́n fi ìbẹ̀rù sọ kò tó.

Wákàtí ṣì dára fún iṣẹ́ kékeré tí ẹni tí yóò ṣe é ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí yóò sì ṣe láàrin ọjọ́ díẹ̀, bíi kí ó pààrọ̀ àmì iléèwé tó wà lórí rìsíìtì. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ bóyá a lè gbára lé wákàtí ẹgbẹ́ kan. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ti parí, kí ẹ fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tó gbà wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́ta ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè máa fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé òmíràn kò lé rárá, tí òmíràn sì lé ní ìlọ́po mẹ́wàá, asán ni kí ẹ máa ro wákàtí wọn pọ̀.

Bí póíǹtì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó ń lo póíǹtì kì í béèrè pé báwo ni iṣẹ́ yìí yóò ṣe pẹ́ tó. Ohun tó ń béèrè ni pé báwo ló ṣe tóbi sí èyí tí a ti mọ̀. Ẹgbẹ́ iléèwé yìí lè mú ojú ewé tí òbí yóò gbà wọlé, kí wọ́n fún un ní póíǹtì 2, kí wọ́n sì máa fi ìyókù wé e. Nọ́ńbà 1, 2, 3, 5, 8 àti 13 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fojú ya iṣẹ́ ńlá 12 sọ́tọ̀ kúrò lára 13.

Lọ́dún 2002, James Grenning gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí oníkálukú yóò fi mú káàdì nọ́ńbà rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn yóò sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn ọ̀gá má baà fa ti ọmọ iṣẹ́ lọ. Ká ní wọ́n dé orí sítórì gbígba owó láti báǹkì. Ẹni mẹ́ta ṣí 3, ẹnì kan ṣí 13. Bí wọ́n bá kàn pín in dọ́gba, wọ́n ti pàdánù ohun tí káàdì náà fẹ́ sọ fún wọn. Ẹni tó mú 13 ló mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó ń gba owó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan ṣoṣo, àti pé bí ètò náà kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kọ ọ́ pé òbí san owó méjì. Lẹ́yìn tó ṣàlàyé, gbogbo wọn fẹnu kò sí 8.

Àpapọ̀ póíǹtì sítórì 48 náà jẹ́ 120. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹgbẹ́ náà máa ń ka póíǹtì iṣẹ́ tó parí pátápátá. Ààbọ̀ iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Nínú sáà márùn-ún tó ṣáájú lórí iṣẹ́ mìíràn, wọ́n parí 18, 24, 15, 23 àti 20. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 20. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sáà 6 ni 120 yóò gbà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12. Bí wọ́n bá ń rìn bíi ti sáà tó falẹ̀ jù, ọ̀sẹ̀ 16 ni; bó bá sì jẹ́ ti èyí tó yá jù, ọ̀sẹ̀ 10. Ìdáhùn tó tọ́ sí ẹni tó ni iléèwé nìyẹn: láàrin ọ̀sẹ̀ 10 sí 16, kí wọ́n sì kọ 16 sínú àdéhùn. Ìpàdé, àìsí iná àti ìdúró-de-báǹkì ti wà nínú 20 náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì parí nǹkan kan kò ní 20 kankan tí yóò fi ṣírò. Bí ẹnì kan bá sì kúrò nínú ẹgbẹ́, ìṣirò àtijọ́ ti yẹ̀ nìyẹn.

Bí póíǹtì náà ṣe ń tan èèyàn jẹ

Ọjọ́ tí ọ̀gá bá sọ pé 20 kéré, pé 30 lòun fẹ́ rí ní sáà kọ̀ọ̀kan, ni póíǹtì ti bàjẹ́. Láàrin sáà mẹ́ta, wọn yóò fún un ní 30. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní 2 tẹ́lẹ̀ yóò di 3, èyí tó jẹ́ 5 yóò di 8. Ó lè má jẹ́ pé wọ́n dìídì purọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi nọ́ńbà nà á máa ń rí iṣẹ́ bí ohun tó tóbi. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn: ẹ ka iye sítórì tó parí. Bó bá jẹ́ 8 ni wọ́n ń parí nígbà tí póíǹtì wà ní 20, tó sì jẹ́ 8 náà ni nígbà tó di 30, kò sóhun tó yára sí i.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n sọ pé póíǹtì 1 jẹ́ wákàtí 4. Wákàtí ti padà dé nìyẹn, aṣọ ló pààrọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n fi ẹgbẹ́ kan wé òmíràn. Ẹgbẹ́ tó fún ojú ewé ìwọlé ní 2 àti èyí tó fún un ní 5 kò lo òṣùwọ̀n kan náà. Irú ìlòkulò báyìí wà lára ohun tó mú kí Jeffries kọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lòun dá póíǹtì sílẹ̀, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dun òun. Ohun tó ń gbà wọ́n níyànjú ni kí wọ́n gé sítórì sí kéékèèké.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ọ̀nà méjèèjì kò lè wọ̀n, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò ṣe irú rẹ̀ rí. Bí káàdì bá ti di 13 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìmọ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ láti yẹ iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà kankan.

Ẹni tó sì fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn lè bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí á máa bi télọ̀. Kì í ṣe pé wákàtí mélòó ni ẹ ó fi rán an, bí kò ṣe pé aṣọ mélòó ló jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti pé mélòó ló ṣì wà níwájú tèmi.