Adé Kò Fi Akọ Hàn: Títúmọ̀ ‘Ó’ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú Ìtàn Alárá àti Ajerò

Odù Ìwòrì Méjì ló ni ìtàn àwọn ọmọ mẹ́jọ tí Ọ̀rúnmìlà bí. Alárá àti Ajerò wà lára wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn so àwọn méjì àkọ́kọ́ yìí mọ́, torí Alárá ni oyè ọba Aràmọkọ, Ajerò sì ni oyè ọba Ìjerò. Bàbá wọn ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wólẹ̀, wọ́n ń kí i ní àbọrúbọyè, àfi Ọlọ́wọ̀ tó dúró ṣánṣán, tó ní ohun tí bàbá òun fi ń ṣe ọba lòun náà ní. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀run lọ, ayé sì dàrú. Ẹ wo egungun ìtàn yìí dáadáa: ‘ọmọ’ ni gbogbo wọn, ‘ó’ la sì fi ń tọ́ka sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àmọ́ bí ògbufọ̀ bá fẹ́ gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan kó yan arọ́pò-orúkọ akọ tàbí ti abo kí gbólóhùn kìíní tó parí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn náà kò fún un ní ẹ̀rí tó lè fi yàn, àti pé yóò sàn fún un kó má yàn.

Ẹni tó bá fẹ́ yan akọ yóò kọ́kọ́ na ìka sí adé. Yóò ní ọba ni Alárá, ọba ni Ajerò, ọkùnrin ló sì ń jọba ní Aràmọkọ àti ní Ìjerò. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá ṣe ibòmíràn là ń sọ. Ní Èkìtì gan-an ni adé ti kọ̀ láti jẹ́ ẹ̀rí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àti ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé títí ọba tuntun yóò fi jẹ. Adelé yìí a múra bí ọkùnrin, a dé adé, a jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè, wọ́n a sì máa kí i ní Kábíyèsí. Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé adelé jáde, ó gba àlejò, ó sì bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀, gbogbo àmì tí ojú ń wá fún ọkùnrin ló pé síbẹ̀, obìnrin ló sì wà nínú aṣọ. Ní Oǹdó, ìtàn ìlú sọ pé Púpùpú, obìnrin, ni Òṣemàwé àkọ́kọ́. Nítorí náà, ‘ọba’ sọ ipò fún wa, kò sọ irú ènìyàn tó wà ní ipò náà.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ́ wa ní ohun tí yíyàn yìí máa ń ná ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, arọ́pò-orúkọ akọ ló sì gbé àwọn Aláàfin àtijọ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ òun kan náà ló ròyìn Ìyáyùn, tó dé adé, tó sì ṣàkóso Ọ̀yọ́ ní ipò ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò jù nínú ìwé rẹ̀ ti 1997. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé báwo la ṣe mọ̀ pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn orúkọ tó wà nínú àtòjọ ọba náà, nígbà tí ẹni tó kó ìtàn jọ gbọ́ ọ lẹ́nu arọ́kin ní èdè tí arọ́pò-orúkọ rẹ̀ kì í ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Èmi kò sọ pé obìnrin pọ̀ láàárín wọn. Ohun tó ká mi lára ni pé ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ arọ́kin parí sí, kò sì lè mọ ibi tí òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ‘ó’ ló ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbólóhùn a máa tú àṣírí rẹ̀. Bí oríkì ẹni náà bá jẹ́ Àkànní tàbí Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá ní ó lóyún, ó parí. Orúkọ àbísọ bí Ayọ̀délé tàbí Olúwaṣẹ́un kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò tan án. ‘Ọkọ’ pàápàá kò ṣeé fọkàn tán, torí ìyàwó ilé a máa pe ọmọ obìnrin tó bá nínú ilé ní ọkọ òun. Èyí tó léwu jù ni ẹ̀rí tó dà bí ẹ̀rí: iṣẹ́ ọwọ́, ìgboyà, owó, ohùn àṣẹ. Ọlọ́wọ̀ tó gbójú sí bàbá rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọkùnrin. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí ògbufọ̀ gba ẹ̀rí tí ọ̀rọ̀ inú ìtàn, tàbí àkọsílẹ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò, bá mú wá, kó sì kọ èyí tó ti inú orí tirẹ̀ jáde. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá wà láàyè, kí ó bi í. Ògbufọ̀ kóòtù tó gbọ́ ‘ó lù mí’ lè ní kí adájọ́ bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ẹsẹ Ifá kò ṣeé bi bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni a ó ṣe kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí a lo arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kan, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú-ọkàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nínú ìlànà ìkọ̀wé wọn ti 2019. Ó dára níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà. Nínú ìtàn tiwa, ọmọ mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ tọ́ka sí Ọlọ́wọ̀, òǹkàwé yóò rò pé gbogbo wọn ló kọ̀ láti wólẹ̀, ìtàn yóò sì bàjẹ́. Ewu kejì ni ‘wọ́n’ tí a fi ń bu ọlá fún àgbà, tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀nà láti fi ya èyí sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn tèmi kan: ‘Ajerò dé, ó wólẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀, ó jókòó.’ Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a lè so dídé, wíwólẹ̀, kíkí àti jíjókòó mọ́ Ajerò kan ṣoṣo, ‘ó’ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì lọ láìsí ariwo. ‘Rẹ̀’ ló kù. A ó fi Ọ̀rúnmìlà rọ́pò ‘bàbá rẹ̀’, torí orúkọ náà ti wà nínú ìtàn. Níbi tí gbólóhùn bá gùn, a ó tún oyè náà dá. Àwítúnwí oyè kò sì ṣe àjèjì sí ohùn Ifá.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ti ẹwà èdè lọ. Bibi Bakare-Yusuf, nígbà tó ń dá Oyěwùmí lóhùn, tẹnu mọ́ ọn pé àìsí akọ àti abo nínú gírámà kò sọ pé kò sí wọn láwùjọ. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń sọ èdè tí ‘ó’ wà nínú rẹ̀ náà ló ń yan ọkùnrin jọba ní Ìjerò. Nítorí náà, bí a bá sọ Gẹ̀ẹ́sì wa di aláìṣakọ-ṣabo jálẹ̀, a lè jẹ́ kí àlejò rò pé ìlú wa kò mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí a pa ẹ̀rí mọ́ níbi tó bá wà, tí n kò sì gbà pé kí àìyàn dákẹ́ láìsọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ni kí ògbufọ̀ ti sọ pé ‘ó’ Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, pé ọkùnrin ló ń jẹ oyè náà lóde òní, àti pé òun kò fi tòní dá tàtijọ́ lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan kò tó. Ní 1975, Wándé Abímbọ́lá tẹ ewì Ifá mẹ́rìndínlógún jáde, Yorùbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wo ‘ó’ fúnra rẹ̀, kó sì dá ẹjọ́ ògbufọ̀. Kí atẹ̀wé àti olóòtú tó bá ń tẹ ìtàn Alárá àti Ajerò lọ́jọ́ iwájú má ṣe tẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan.